Híìpù sọ́ọ̀tì ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀: ìdí tó fi ń da ipò àwọn tó dọ́gba rú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í kọjá n log n

Ẹ mú bébà kan àti bírò. Nọ́ńbà méje la fẹ́ tò láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, a ó sì máa kọ ìlà náà sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìṣísẹ̀. Híìpù sọ́ọ̀tì wà lára àwọn ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí èèyàn lè ka kóòdù wọn tán kó má sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ni yóò yé. Àwọn nọ́ńbà wa nìyí:

```
àyè:     0   1   2   3   4   5   6
nọ́ńbà:   3   6a  2   8   6b  5   1
```

6 méjì ló wà níbẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n. Lẹ́tà a àti b tí mo fi sí wọn lára, ojú tiwa ni wọ́n wà fún, kóòdù ò mọ̀ pé wọ́n wà. 6a ló ṣáájú, 6b ló tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe gbé ojú kúrò lára àwọn méjèèjì títí a ó fi parí.

Òkìtì tó fara pamọ́ sínú ìlà

J. W. J. Williams ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1964. Ohun tó rí ni pé a lè wo ìlà nọ́ńbà lásán bí ẹni tó ń wo ìdílé kan, láìfi ohunkóhun kún un. Nọ́ńbà tó wà ní àyè i ní ọmọ méjì: ọmọ òsì wà ní àyè 2i + 1, ọmọ ọ̀tún wà ní àyè 2i + 2. Bí ìṣirò yìí bá gbé wa kọjá òpin ìlà, a jẹ́ pé nọ́ńbà náà ò ní ọmọ níbẹ̀. Bí a bá ya ìlà wa lọ́nà bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa rí nìyí:

```
            3
       6a       2
     8   6b   5   1
```

Òfin kan ṣoṣo ló sọ irú àwòrán yìí di òkìtì, ohun tí híìpù túmọ̀ sí gan-an: òbí kankan ò gbọdọ̀ kéré sí ọmọ rẹ̀. Ìlà tiwa ò tíì pa òfin yẹn mọ́, torí 3 wà lórí 6a, 6a sì wà lórí 8. Ẹ kíyè sí ohun tí òfin náà ò sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ òsì àti ọmọ ọ̀tún láàárín ara wọn. Èyí òsì lè tóbi ju ti ọ̀tún lọ, ó lè kéré sí i, wọ́n lè dọ́gba, òkìtì ò bìkítà. Ibi tí òfin náà dákẹ́ sí yìí la máa padà wá bá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan 6 méjèèjì.

Bí òkìtì bá ti dúró, ó dájú pé nọ́ńbà tó tóbi jù wà lórí, ní àyè 0. Gbogbo ọgbọ́n ìlànà yìí ò ju ìyẹn lọ: a ó mú èyí tó wà lórí, a ó gbé e lọ sí òpin ìlà, a ó tún òkìtì tó kù ṣe, a ó sì tún mú èyí tó bọ́ sórí.

Rírì: iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a máa ń ṣe léraléra

Kí a tó lè ṣe èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, a ní láti mọ bí a ṣe ń mú nọ́ńbà rì. Ká ní nọ́ńbà kan wà ní àyè i, ó sì ṣeé ṣe kó kéré sí ọmọ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi ọmọ méjèèjì wéra ká lè mọ èyí tó tóbi. Lẹ́yìn náà a ó fi èyí tó tóbi náà wé òbí. Bí ọmọ bá tóbi ju òbí lọ, wọ́n á pààrọ̀ àyè, a ó sì tún béèrè ìbéèrè kan náà ní àyè tuntun tí òbí bọ́ sí. Bí ọmọ ò bá tóbi ju òbí lọ, tàbí tí kò bá sí ọmọ mọ́, ó parí. Èyí túmọ̀ sí pé ìfiwéra méjì péré la ń ṣe ní ìpele kan, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà 2 yẹn pamọ́, a máa lò ó.

Ọmọ tó tóbi jù la gbọ́dọ̀ gbé sókè. Bí ẹ bá gbé èyí tó kéré sókè nítorí pé òun náà tóbi ju òbí lọ, yóò di òbí fún ẹ̀gbọ́n tó jù ú lọ, òfin á sì tún bàjẹ́ níbẹ̀.

Kíkọ́ òkìtì

Àwọn tó wà ní àyè 3 sí 6 ò ní ọmọ, nítorí náà wọn ò lè rú òfin kankan. Òbí tó kẹ́yìn nínú ìlà n nọ́ńbà wà ní àyè n//2 − 1, ìyẹn ni pé a pín n sí méjì, a fi ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀, a sì yọ 1. Fún méje, àyè 2 nìyẹn. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa padà sẹ́yìn títí dé àyè 0.

Ní àyè 2, nọ́ńbà 2 ní ọmọ 5 àti 1. 5 ló tóbi, ó sì ju 2 lọ, nítorí náà wọ́n pààrọ̀. Ní àyè 1, 6a ní ọmọ 8 àti 6b. 8 ló tóbi, òun náà pààrọ̀ pẹ̀lú 6a. Ó wá ku àyè 0. Nọ́ńbà 3 ní ọmọ 8 àti 5. 8 gòkè, 3 rì sí àyè 1. Iṣẹ́ ò tíì parí, torí 3 ti pàdé ọmọ tuntun níbẹ̀: 6a ní òsì, 6b ní ọ̀tún. Àwọn méjèèjì dọ́gba. Ta la ó gbé sókè? Kóòdù tí mo máa lò ń gba ọmọ òsì àyàfi bí ti ọ̀tún bá tóbi jù ú lọ ní ti gidi, nítorí náà 6a ló gòkè.

```
bẹ̀rẹ̀:        3   6a  2   8   6b  5   1
lẹ́yìn àyè 2:  3   6a  5   8   6b  2   1
lẹ́yìn àyè 1:  3   8   5   6a  6b  2   1
lẹ́yìn àyè 0:  8   6a  5   3   6b  2   1
```

Òkìtì ti dúró. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 8 ju 6a àti 5 lọ, 6a ò kéré sí 3 tàbí 6b, 5 ju 2 àti 1 lọ.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí, òun ni pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti àyè 0 kó máa lọ síwájú, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe sábà ń rìn nínú ìlà. Ẹ dán an wò lórí nọ́ńbà wa. 3 á rì kọjá 6a àti 8, ìlà á di 6a 8 2 3 6b 5 1. Àyè 1 ò ní ìṣòro. Ní àyè 2, 5 á gòkè. Ohun tó kù ni 6a 8 5 3 6b 2 1: 6a jókòó sórí, 8 wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa padà wá gbé e sókè. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn òkìtì kéékèèké tó wà lábẹ́ á ti dúró kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ òbí wọn, ohun tí rírì sì nílò nìyẹn.

Yíyọ èyí tó wà lórí

Ní báyìí, 8 tó wà lórí á pààrọ̀ pẹ̀lú 1 tó wà ní òpin. 8 ti dé ibùgbé rẹ̀ títí láé, a ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkìtì ò sì ju nọ́ńbà mẹ́fà lọ mọ́. 1 tó bọ́ sórí ò lè dúró níbẹ̀. 6a gòkè rọ́pò rẹ̀, 1 bọ́ sí àyè 1, ó bá 3 àti 6b níbẹ̀, 6b náà gòkè, 1 sì dé àyè 4.

```
pààrọ̀:   1   6a  5   3   6b  2  | 8
rírì:    6a  6b  5   3   1   2  | 8
```

6a ló wà lórí báyìí. Ó kàn án láti lọ sí òpin òkìtì, ìyẹn àyè 5, kí 2 bọ́ sórí dípò rẹ̀. 2 á rì: 6b gòkè, lẹ́yìn náà 3 gòkè.

```
pààrọ̀:   2   6b  5   3   1  | 6a  8
rírì:    6b  3   5   2   1  | 6a  8
```

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. 6a ti jókòó sí àyè 5, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. 6b ló kàn, àyè 4 ni yóò sì lọ, níwájú 6a. Ẹni tó dé kẹ́yìn ti gba iwájú ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

```
pààrọ̀:   1   3   5   2  | 6b  6a  8
rírì:    5   3   1   2  | 6b  6a  8
```

Àwọn tó kù ò le. 5 lọ sí àyè 3, 2 bọ́ sórí, 3 gòkè. 3 lọ sí àyè 2, 1 bọ́ sórí, 2 gòkè. 2 lọ sí àyè 1, 1 nìkan ló kù, ó sì ti wà níbi tó yẹ kó wà.

```
òpin:    1   2   3   5   6b  6a  8
```

Bí ẹ bá ka gbogbo ìfiwéra tí a ṣe, 8 ló lọ sórí kíkọ́ òkìtì, 13 ló lọ sórí yíyọ, àpapọ̀ 21. Ó dùn mọ́ mi pé 21 gan-an ni iye ìfiwéra tí ìlànà tó ń fi gbogbo nọ́ńbà wé gbogbo èkejì rẹ̀ máa ṣe lórí nọ́ńbà méje. Ẹni tó bá fẹ́ to nǹkan méje kò rí èrè kankan jẹ níbí. Ibi tí nǹkan bá ti pọ̀ ni èrè wà, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Kóòdù rẹ̀

Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe lókè yìí náà ló wà nínú kóòdù Páítìnì ìsàlẹ̀ yìí. Mo pe iṣẹ́ rírì ní `ri`.

```python
def ri(A, i, n):
    while 2*i + 1 < n:
        m = 2*i + 1
        if m + 1 < n and A[m+1] > A[m]:
            m = m + 1
        if A[m] <= A[i]:
            return
        A[i], A[m] = A[m], A[i]
        i = m

def heapsort(A):
    n = len(A)
    for i in range(n//2 - 1, -1, -1):
        ri(A, i, n)
    for k in range(n - 1, 0, -1):
        A[0], A[k] = A[k], A[0]
        ri(A, 0, k)
```

Ìlà tó kẹ́yìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. `k` la kọ síbẹ̀, kì í ṣe `n`, torí òkìtì ń kéré sí i nígbà gbogbo. Ẹni tó bá kọ `n` síbẹ̀ ń sọ fún kóòdù pé àwọn tí a ti tò tán ṣì jẹ́ ara òkìtì. Ohun tó mú kí àṣìṣe yìí burú ni pé kì í tètè fara hàn. Lórí nọ́ńbà tiwa, yíyọ àkọ́kọ́ àti ìkejì á lọ geere bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe, torí apá òsì ni rírì gbà lọ. Nígbà yíyọ kẹta, 1 máa rì sí àyè 2, á bá 6a àti 8 tí a ti tò tán níbẹ̀, á sì fa 8 padà sókè. Ìlà á di 5 3 8 2 6b 6a 1. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó kéré jù ní òpin ìlà tí ẹ ń tò láti kékeré sí ńlá, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àṣìṣe kejì máa ń wá láti inú ìwé tó ń ka àyè láti 1. Níbẹ̀, ọmọ wà ní 2i àti 2i + 1. Bí ẹ bá gbé ìṣirò yẹn wá sínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti 0, ọmọ òsì àyè 0 á tún jẹ́ àyè 0, nọ́ńbà á di ọmọ ara rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá òkìtì yín dúró lóòótọ́, ìlà kan tó fún ìyẹn, ẹ sì lè fi í sí àárín kíkọ́ òkìtì àti yíyọ:

```python
assert all(A[(i-1)//2] >= A[i] for i in range(1, n))
```

Ìdí tí àwọn tó dọ́gba fi ń pàdánù ipò wọn

Ẹni tó kọ́kọ́ rí 6b níwájú 6a lè rò pé kò ṣe nǹkan kan, ṣebí 6 ni àwọn méjèèjì. Òtítọ́ ni, bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà lásán là ń tò. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ gidi, nọ́ńbà sábà máa ń ru nǹkan mìíràn dání. Ká ní àkọsílẹ̀ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti máàkì ni, tí a ti fi orúkọ tò ó tẹ́lẹ̀, tí a wá fẹ́ fi máàkì tún un tò. A fẹ́ kí àwọn tí máàkì wọn dọ́gba ṣì tẹ̀ lé ara wọn ní ètò orúkọ. Ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó bá ń pa ipò àkọ́dé mọ́ á ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Híìpù sọ́ọ̀tì kò ní ṣe é. Inú ẹgbẹ́ olómáàkì kan náà, orúkọ á dàrú.

Ibo gan-an ló ti bàjẹ́? Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ kúrò lórí òkìtì ni yóò jókòó sí ẹ̀yìn. Nítorí náà, fún 6 méjèèjì láti wà ní ètò wọn, 6b ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Èkejì, tó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé òkìtì ò mọ ẹni tó ṣáájú. Bí a ti rí i, òfin rẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó wà ní òsì àti ẹni tó wà ní ọ̀tún. Bákan náà, nígbà gbogbo tí a bá ń yọ, a máa ń gbé nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá fò sókè dé orí láìfi í wé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Bó bá fo ẹni tó bá a dọ́gba kọjá, kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí.

Àpẹẹrẹ tó kéré jù tó fi èyí hàn ò ju nǹkan méjì lọ: 5a, 5b. Òkìtì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, rírì ò ṣe nǹkan kan sí wọn. Lẹ́yìn náà la pààrọ̀ orí pẹ̀lú òpin, ó di 5b, 5a. Ó parí.

Ẹni tó bá já fáfá á ní: ṣé kì í ṣe pé a gba ọmọ òsì nígbà tí wọ́n dọ́gba ló fà á? Ká gba ti ọ̀tún, ká sì jẹ́ kí ọmọ tó bá òbí rẹ̀ dọ́gba gòkè, kí ẹni tó kẹ́yìn lè kọ́kọ́ jáde. Ẹ dán an wò: ẹ sọ `>` di `>=` nínú ìfiwéra ọmọ, kí ẹ sì sọ `<=` di `<` nínú ìfiwéra òbí. Lórí nọ́ńbà méje wa, yóò bọ́ sí i: 6a á wà níwájú 6b. 5a àti 5b náà á dúró dáadáa, kódà bí 5 bá jẹ́ mẹ́ta, ètò wọn ò ní bàjẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé àwọn ti tún un ṣe. Ẹ wá fi mẹ́rin tó dọ́gba sí i:

```
bẹ̀rẹ̀:        5a  5b  5c  5d
lẹ́yìn àyè 1:  5a  5d  5c  5b
lẹ́yìn àyè 0:  5c  5d  5a  5b
pààrọ̀:       5b  5d  5a | 5c
```

5d ló yẹ kó gba òpin ìlà, ṣùgbọ́n 5c ló gbà á. 5d àti 5c jẹ́ ọmọ òsì àti ọmọ ọ̀tún lábẹ́ 5a, òfin "gba ti ọ̀tún" sì mú 5c, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni 5d ti gòkè wá. Kò sí bí a ṣe lè yí àmì ìfiwéra tí á tún èyí ṣe, torí ohun tí a nílò láti mọ̀, ìyẹn ẹni tó ṣáájú, kò sí nínú ìlà náà mọ́.

Bí ẹ bá nílò ètò àkọ́dé lóòótọ́, ẹ kọ ọ́ síbi tí kóòdù á ti rí i. Ẹ so nọ́ńbà àyè àkọ́kọ́ mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan, kí 6a di (6, 1), kí 6b di (6, 4). Bí iye bá dọ́gba, nọ́ńbà àyè á yanjú ẹjọ́, kò sì ní sí méjì tó dọ́gba mọ́ rárá. Ohun tó máa ná yín ni pé ẹ máa nílò àyè n sí i nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìnílò àyè àfikún wà lára ohun tó mú kí a yan híìpù sọ́ọ̀tì. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rọrùn fún láti lo mẹ́ẹ̀jì sọ́ọ̀tì, tó ń pa ètò àkọ́dé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í kọjá n log n

Ẹ padà sí àwòrán ìdílé wa. Ìpele kọ̀ọ̀kan gba ìlọ́po méjì èyí tó wà lórí rẹ̀: 1, 2, 4, 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iye ìgbésẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀ jẹ́ iye ìgbà tí a lè pín n sí méjì kó tó di 1, ìyẹn gan-an ni log n. Fún 7, ìgbésẹ̀ 2 ni. Fún 1,000, ìgbésẹ̀ 9 ni. Fún mílíọ̀nù 1, ìgbésẹ̀ 19 péré.

Gbogbo àyè inú ìlà ló ń kún tẹ̀ léra wọn, kò sí àlàfo, nítorí náà òkìtì ò lè gùn sí apá kan bí igi tí a ò rẹ́ lẹ́ka. Gígùn rẹ̀ ò sinmi lórí ohun tó wà nínú nọ́ńbà yín. N nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín òun àti kúíìkì sọ́ọ̀tì nìyẹn. Kúíìkì sọ́ọ̀tì ń pín ìlà sí méjì lórí nọ́ńbà kan tó yàn, bí yíyàn bá sì burú léraléra, ìpín kan á gba gbogbo rẹ̀, èkejì á sì ṣófo. Nínú híìpù sọ́ọ̀tì, kò sí ohun tí a ń yàn.

Ẹ wá rántí pé ìfiwéra 2 la ń ṣe ní ìpele kan. Fún mílíọ̀nù 1, rírì kan ò lè gbà ju ìfiwéra 38 lọ, rírì inú yíyọ ò sì tó mílíọ̀nù 1. Ìyẹn ò lè ju mílíọ̀nù 38 lọ. Kíkọ́ òkìtì náà ńkọ́? Ẹni tó bá kánjú á ní òun náà jẹ́ n log n, àmọ́ ó kéré sí i gan-an. Ìdajì àwọn nọ́ńbà wà ní ìsàlẹ̀, wọn ò rì rárá. Ìdá mẹ́rin lè rì ní ìgbésẹ̀ 1, ìdá mẹ́jọ ní ìgbésẹ̀ 2, bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò tó n, nítorí náà ìfiwéra ò lè ju 2n lọ. Robert Floyd ló mú ọ̀nà kíkọ́ láti ìsàlẹ̀ yìí wá, ní 1964 yẹn kan náà.

Àpapọ̀ rẹ̀ ò lè ju mílíọ̀nù 40 lọ, bó ti wù kí nọ́ńbà yín rí. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i bí n ṣe ń pọ̀ ni n log n ń sọ, kì í ṣe iye ìfiwéra gan-an. Ìlànà tó bá di n lọ́nà n nígbà tí nǹkan bá burú, irú bíi kúíìkì sọ́ọ̀tì tó yàn burú, lè ṣe ìfiwéra bílíọ̀nù 500 tó dín díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ìfiwéra mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti híìpù sọ́ọ̀tì ò ní pé ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Tèkejì á gbà ju wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ.

Òótọ́ kejì wà nínú "bó ti wù kí nọ́ńbà yín rí" yẹn tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ràn: bí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe é pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í sábà dín. Ẹ gbé ìlà tí a ti tò tán fún un, 1 2 3 4 5 6 7. Ìlànà mìíràn á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á sì fi sílẹ̀. Híìpù sọ́ọ̀tì á kọ́kọ́ sọ ọ́ di 7 5 6 4 2 1 3, á ba ohun tó ti dára jẹ́, lẹ́yìn náà á wá tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí rírì kì í tètè dúró ni pé ìsàlẹ̀ òkìtì la ti ń mú nọ́ńbà tí a gbé sórí. Àwọn tó kéré ló sábà wà ní ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n á sì padà sí, wọ́n á la gbogbo ìpele kọjá. Bí gbogbo nọ́ńbà bá yàtọ̀ síra, kò sí bí a ṣe lè tò wọ́n kalẹ̀ tí iṣẹ́ náà á fi bọ́ lọ́wọ́ n log n.

Ibì kan ṣoṣo tó hàn gbangba pé ó ti yàtọ̀ ni ibi tí gbogbo rẹ̀ bá ti dọ́gba. Pẹ̀lú kóòdù tí a kọ lókè, ọmọ ò ní tóbi ju òbí lọ níbì kankan, rírì á dúró lẹ́yìn ìfiwéra 2, gbogbo iṣẹ́ á sì parí ní ìwọ̀n n lásán. Bí ẹ bá ti fi `>=` rọ́pò `>` nínú ìfiwéra ọmọ, tí ẹ sì yí ìfiwéra òbí padà bí a ti ṣe nínú ìgbìyànjú wa ìṣáájú, ẹ ti pàdánù èyí náà, torí àwọn tó dọ́gba á máa pààrọ̀ àyè dé ìsàlẹ̀ láìnídìí.

Ibi tó ti wúlò

Lórí ọ̀pọ̀ ìlà, kúíìkì sọ́ọ̀tì tó yàn dáadáa ń yára jù ú lọ. Rírì ń fò láti àyè i sí 2i + 1, àwọn ìfò yẹn sì ń gùn sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀; kọ̀ǹpútà fẹ́ràn kí a ka mẹ́mọ́rì tẹ̀ léra, kò fẹ́ràn ìfò. Nítorí náà, ibi tí èèyàn ò ti lè fara da ọjọ́ burúkú la ti ń rí híìpù sọ́ọ̀tì. Inú kánẹ́ẹ̀lì Línọ́ọ̀sì, fáìlì `lib/sort.c` ń lò ó, torí kò gba mẹ́mọ́rì àfikún, kò sì sí ẹni tó lè kó nọ́ńbà tó máa mú un falẹ̀ wá bá a. Ní 1997, David Musser gba ọ̀nà mìíràn: kúíìkì sọ́ọ̀tì ni kó bẹ̀rẹ̀, kó máa ka iye ìgbà tó ti pín ìlà, bí ìpín náà bá sì ti jìn jù, kó fa ìyókù lé híìpù sọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ `std::sort` inú C++ lónìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí `std::sort` ò fi ṣe ìlérí kankan nípa àwọn tó dọ́gba, tí wọ́n sì fi `std::stable_sort` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí 6a gbọ́dọ̀ ṣáájú 6b lọ́dọ̀ rẹ̀.